Bí a ṣe ń fi ìtànká àti fífì kíláàsì méjì wéra láti orí àwòrán àpótí inú ìwé tí wọ́n síkáànì

Abẹ́ àwòrán gan-an ni ìbéèrè náà sábà máa ń wà: "Fi ìtànká máàkì kíláàsì méjèèjì wéra, kí o sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fì sí." Àpótí méjì ló wà lókè, ọ̀kan ti Kíláàsì A, èkejì ti Kíláàsì B, ìlà nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì wà nísàlẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìwé tuntun, kò ní pẹ́ parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ PDF tí ẹnì kan síkáànì láti inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ojú ìwé á ti wọ́, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á ṣú, àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kí ojú tẹ̀lé láti àpótí dé ìsàlẹ̀ á sì ti pòórá. Ọ̀pọ̀ á wá máa fojú bù ú.

Kò tó ohun à ń fojú bù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan rúlà, ẹ mọ̀ pé ohun méjì tí ìbéèrè yìí ń wá kì í ṣe ohun tí síkáànì burúkú tètè máa ń bàjẹ́. Fífì jẹ́ gígùn tí a pín fún gígùn, nítorí náà ẹ lè rí i láìka nọ́ńbà kankan nísàlẹ̀. Ìtànká jẹ́ àlàfo láàrin ibi méjì, nítorí náà bí ojú ìwé bá tilẹ̀ ti gbogbo àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àlàfo yẹn kò yí padà. Mídíánì ló máa ń jìyà síkáànì tó wọ́, torí òun ni a gbọ́dọ̀ kà tààrà láti orí ìlà.

Ohun tí àpótí ń sọ

Ibi márùn-ún ni a máa kà lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láti òsì: máàkì tó kéré jù, kọ́tàìlì kìíní (Q1) tó jẹ́ etí òsì àpótí, mídíánì (M) tó jẹ́ ìlà inú àpótí, kọ́tàìlì kẹta (Q3) tó jẹ́ etí ọ̀tún, àti máàkì tó pọ̀ jù. Ìlà tín-ín-rín tó yọ jáde lára àpótí lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ìrù ni màá máa pè é.

Ibi márùn-ún yìí pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣìnà jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí i pé apá ọ̀tún àpótí gùn, á kọ ọ́ pé àwọn tó gba máàkì gíga pọ̀ níbẹ̀. Rárá o. Iye èèyàn kan náà ló wà ní apá tó gùn àti apá tó kúrú. Ẹ rò ó bí èèyàn mẹ́wàá tó fún ara wọn pọ̀ sórí bẹ́ńṣì kan, tí mẹ́wàá mìíràn sì nà gbalaja lórí bẹ́ńṣì mẹ́ta. Apá tó gùn ni àwọn tó nà gbalaja: máàkì wọn jìnnà síra. Apá tó kúrú ni àwọn tó fún pọ̀: máàkì wọn sún mọ́ra.

Bí àpótí ṣe nípọn sókè sódò kò ní ìtumọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ tó wọ́pọ̀. Ẹ má wò ó.

Títún ojú ìwé ṣe

Ẹ má fi fóònù ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń sọ ìlà di bàìbàì. Ẹ yọ ojú ìwé yẹn fúnra rẹ̀ jáde nínú PDF. Ẹni tó bá ní Poppler lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣe é báyìí:

```
pdftoppm -f 214 -l 214 -r 300 -png iwe.pdf oju
```

214 yẹn ni ipò ojú ìwé nínú fáìlì, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Méjèèjì kì í sábà dọ́gba, torí èèpo ìwé àti ojú ìwé ọ̀rọ̀ ìṣáájú máa ń wọ inú kíkà. Bí síkáànì ọ̀hún kò bá dáa láti ilẹ̀, kí ẹ sọ 300 di 600 kò ní fi nǹkan kan kún un. Àwòrán á kàn tóbi sí i ni.

Ẹ ṣí àwòrán tó jáde nínú Paint. Bí ẹ bá gbé atọ́ka sórí ibi kan, nọ́ńbà méjì á hàn ní ìsàlẹ̀ wíńdò: àkọ́kọ́ ni iye píksẹ́lì láti etí òsì, èkejì ni iye píksẹ́lì láti òkè wá sílẹ̀. Ìyẹn ni rúlà wa. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kó fi rúlà onímìlímítà wọ̀n ọ́n; ìṣirò kan náà ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa wọ̀n ni bóyá ojú ìwé wọ́. Nínú àpẹẹrẹ tí a ó máa lò, èyí tí mo fúnra mi gbé kalẹ̀, ìlà nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 20 dé 100, ó sì gùn ní 960 píksẹ́lì. Nọ́ńbà kejì ní etí òsì ìlà náà jẹ́ 1402, ní etí ọ̀tún ó jẹ́ 1385. Etí ọ̀tún fi píksẹ́lì 17 ga ju tòsì lọ. 17 nínú 960 jẹ́ nǹkan bí dígírì kan péré, ojú lásán lè máà rí i.

Ẹ wo ohun tí dígírì kan yẹn ń ṣe. Gbogbo ohun tó wà lókè ìlà á yà sí òsì, bó bá ṣe ga tó ni á ṣe yà tó. Àpótí A fi 300 píksẹ́lì ga ju ìlà lọ, ó yà ní 5 píksẹ́lì. Àpótí B fi 700 ga jù ú lọ, ó yà ní 12. Lórí ìlà yìí, píksẹ́lì 12 ni máàkì kan. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tààrà láti mídíánì B wá sí ìlà, ẹ máa kà á ní máàkì kan dín sí bó ṣe yẹ, ti A kò sì ní dín tó ìdajì máàkì. Bí ẹ bá ń fi mídíánì méjèèjì wéra, èyí ń rẹ́ B jẹ. Ṣùgbọ́n gígùn àpótí B kò dín, torí etí òsì rẹ̀ àti etí ọ̀tún rẹ̀ jọ yà lọ pọ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kí mídíánì náà péye, ẹ fi ImageMagick tọ́ ojú ìwé yẹn:

```
magick oju-214.png -deskew 40% toto.png
```

Lẹ́yìn náà, ẹ padà wọn etí méjèèjì ìlà nọ́ńbà. Ìlà ọ̀rọ̀ inú ojú ìwé ni àṣẹ yìí máa ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti àwòrán. Ìwé kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn ní wíwọ́ láti ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo kíkà tí ẹ ti ṣe kí ẹ tó tọ́ ọ, ẹ jù ú nù.

Kí ìlà nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé

Wíwọ́ kò le tó kíká. Tí ìwé bá nípọn, apá tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ síkáànì. Ó máa ń ká sókè, ohun tó wà níbẹ̀ á sì fún pọ̀. Àpótí tó bá bọ́ síbẹ̀ á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, kíláàsì tó ní in á sì dà bí èyí tí máàkì rẹ̀ sún mọ́ra. Èyí lè ba ìtànká àti fífì jẹ́ lójú yín láìjẹ́ pé ẹ fura.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wọn àlàfo láàrin ààmì kọ̀ọ̀kan àti èkejì rẹ̀ lórí ìlà: 20 sí 30, 30 sí 40, títí dé 100. Lójú ìwé tó tẹ́ dáadáa, gbogbo wọn á dọ́gba, bóyá pẹ̀lú ìyàtọ̀ píksẹ́lì kan. Tí ẹ bá rí 120, 120, 119, 117, 112, 104, ojú ìwé náà ti ká. Ẹ má tún lo ìwọ̀n kan fún gbogbo ìlà mọ́. Àárín ààmì méjì tí ibi tí ẹ ń kà bọ́ sí ni kí ẹ fi ṣírò. Ká ní ààmì 80 wà ní 902, tí ààmì 90 sì wà ní 1006: ibi tó bá bọ́ sí 954 wà ní ìdajì ọ̀nà, máàkì 85 nìyẹn. Tí ìlà bá ká báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi márààrún di máàkì kí ẹ tó ṣírò fífì. Ti àìka nọ́ńbà tí mo sọ lókè kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ tiwa, lẹ́yìn tí a tọ́ ọ, gbogbo àlàfo jẹ́ 120. Ààmì 20 wà ní 184, ààmì 100 wà ní 1144. Ẹ kíyè sí i pé ìlà yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí náà:

```
maaki = 20 + (x - 184) / 12
```

Nígbà tí ẹ bá ń ka ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ sún àwòrán náà mọ́ra dáadáa. Ìlà àpótí á nípọn tó píksẹ́lì 6. Àárín ìnípọn yẹn ni kí ẹ máa mú nígbà gbogbo. Ẹni tó mú etí òde níbì kan tó sì mú etí inú níbòmíì ti fi ìdajì máàkì ṣòfò. Ohun tí a kà nìyí:

| Ibi | A (píksẹ́lì) | A (máàkì) | B (píksẹ́lì) | B (máàkì) |
|---|---|---|---|---|
| Tó kéré jù | 328 | 32 | 232 | 24 |
| Q1 | 520 | 48 | 496 | 46 |
| M | 592 | 54 | 712 | 64 |
| Q3 | 760 | 68 | 832 | 74 |
| Tó pọ̀ jù | 1048 | 92 | 976 | 86 |

Ìtànká

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà wọn ìtànká lórí àwòrán àpótí. Èkíní ni láti orí máàkì tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù: A jẹ́ 92 − 32 = 60, B jẹ́ 86 − 24 = 62. Èkejì ni gígùn àpótí fúnra rẹ̀, Q3 − Q1: A jẹ́ 20, B jẹ́ 28.

Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Èkíní ní ìtànká kíláàsì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkejì ní ti B fẹ̀ ju ti A lọ dáadáa, ìlọ́po 1.4. Èkejì ni kí ẹ gbé síwájú. Ìdí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ló ń pinnu èkíní, ọ̀kan ní òpin kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹni tó gba 92 ní A kò wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà, tí ẹni tó tẹ̀ lé e sì gba 80, 60 yẹn á di 48 lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ìdajì kíláàsì tó wà láàrin ni gígùn àpótí ń ròyìn rẹ̀.

Tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti parẹ́ pátápátá, ẹ ṣì lè dáhùn. Àpótí A gùn ní 240 píksẹ́lì, ti B gùn ní 336. 336 ÷ 240 = 1.4, ìdáhùn kan náà. Kìkì pé kí ẹ rí i dájú pé orí ìlà kan náà ni àpótí méjèèjì wà. Nínú ìwé kan, wọ́n á ya A sí òkè ojú ìwé pẹ̀lú ìlà tirẹ̀, wọ́n á ya B sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìlà mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, gígùn lójú kò sọ nǹkan kan.

Fífì

Ìlà inú àpótí ni ẹ kọ́kọ́ máa wò. Ní A, láti Q1 dé M jẹ́ 72 píksẹ́lì, láti M dé Q3 jẹ́ 168. Apá ọ̀tún ló gùn jù, nítorí náà máàkì A fì sí ọ̀tún, èyí tí ìwé ń pè ní fífì rere. Ní B, òsì jẹ́ 216, ọ̀tún jẹ́ 120: ó fì sí òsì, fífì òdì.

Ibi tí apá gígùn nà sí ni a fi ń dárúkọ fífì, kì í ṣe ibi tí èèyàn kóra jọ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ A kóra jọ sí ìsàlẹ̀, ìdajì wọn wà láàrin 32 sí 54. Ìdajì yòókù nà láti 54 lọ dé 92. Síbẹ̀ ọ̀tún ni a ní ó fì sí.

Kí a tó lè sọ pé èyí fì ju ìyẹn lọ, a nílò nọ́ńbà. Ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Arthur Bowley, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, pè ló bá àpótí mu jù:

```
fifi = ((Q3 - M) - (M - Q1)) / (Q3 - Q1)
```

Ìdáhùn rẹ̀ kì í kọjá 1, kì í sì í rẹlẹ̀ ju −1. Fún A: (168 − 72) ÷ 240 = 0.4. Fún B: (120 − 216) ÷ 336, ìyẹn nǹkan bí −0.29. Píksẹ́lì ni mo fi ṣe é, kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ẹ fi máàkì ṣe é, ẹ máa rí ohun kan náà. A fì ju B lọ, ẹ̀gbẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra.

Bawo ni a ṣe lè gbọ́kàn lé 0.4 yẹn tó? Ká ní ẹ ṣi ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà ní píksẹ́lì 3, tí gbogbo àṣìṣe náà sì wá para pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, 12 ÷ 240 ni ó máa fi yẹ̀, 0.05 nìyẹn. 0.4 kò lè di òdo. Ṣùgbọ́n tí kíláàsì kan bá fún yín ní 0.03 láti inú irú síkáànì yìí, ẹ kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Tí àpótí inú ìwé bá dúró lóòró, òkè ló dípò ọ̀tún. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: Paint ń ka nọ́ńbà kejì láti òkè wá sílẹ̀, nítorí náà Q3 á ní nọ́ńbà tó kéré ju ti Q1 lọ. Ẹni tó ń fi gígùn apá kọ̀ọ̀kan ṣírò kò níṣòro, àmọ́ ẹni tó bá ń ka apá ìsàlẹ̀ sí apá òkè, rere á di òdì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdọ̀tí, àti ìlà tó sọnù

Ní ọ̀tún ìrù A, àmì dúdú kékeré kan wà ní 1096, ìyẹn máàkì 96. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣáko lọ, àbí ìdọ̀tí orí gíláàsì ni? Ìlànà tí John Tukey, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ á ràn wá lọ́wọ́: máàkì tó bá jìnnà sí etí àpótí ju ìlọ́po 1.5 gígùn àpótí lọ nìkan ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì. Fún A, 68 + 1.5 × 20 = 98. 96 kò dé ibẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni, ìrù ì bá ti nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdọ̀tí ni. Ohun mìíràn tó máa ń tú u fó ni pé àmì gidi máa ń wà ní àárín gíga àpótí gẹ́ẹ́, tí ìdọ̀tí sì máa ń wà níbikíbi tó bá wù ú. Ìwé ẹ̀kọ́ mìíràn kò tilẹ̀ lo ìlànà Tukey, ìrù wọn máa ń dé máàkì tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí àmì kankan tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìrù.

Síkáànì aláwọ̀ dúdú àti funfun nìkan tún lè pa ìlà mídíánì rẹ́ pátápátá bó bá tín-ín-rín. Bí inú àpótí bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀ méjèèjì: tí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí mídíánì bọ́ sórí etí yẹn, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá gba máàkì kan náà. Bí etí méjèèjì bá rí bákan náà, ìlà náà ti sọnù nìyẹn, ìtànká nìkan ni ẹ lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ má sì mú àmì × inú àpótí bí mídíánì. Àwọn àwòrán tí wọ́n fi Excel ṣe máa ń fi í ṣe àmì ìpíndọ́gba.

Kíkọ ìdáhùn, àti ìgbà tí ìrù bá tako àpótí

Ìdáhùn tó máa gba máàkì kún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kó sì sọ ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí fún kíláàsì:

"Máàkì ìdajì àárín Kíláàsì B tàn ká ju ti A lọ: gígùn àpótí B jẹ́ 28, ti A jẹ́ 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ dé òkè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba (62 àti 60). Máàkì A fì sí ọ̀tún: ìdajì wọn sún mọ́ra nísàlẹ̀ láàrin 32 sí 54, ìdajì yòókù sì nà lọ sókè dé 92. Máàkì B fì sí òsì: ìdajì wọn kóra jọ sókè láàrin 64 sí 86, ìdajì yòókù sì fà sẹ́yìn dé 24."

Kí ẹ tó fọwọ́ sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìrù. Ní A, ìrù òsì jẹ́ 192 píksẹ́lì, ti ọ̀tún jẹ́ 288. Ó bá àpótí sọ ohùn kan. Ní B, òsì jẹ́ 264, ọ̀tún jẹ́ 144. Ó bá àpótí sọ ohùn kan. Ìgbà mìíràn wà tí ìrù á tako àpótí: àpótí á fì sí ọ̀tún, ìrù gígùn á sì wà ní òsì. Ìlànà Bowley kò rí ìrù rárá, àpótí nìkan ló mọ̀. Nígbà náà, ẹ má ṣe kọ "ó fì sí ọ̀tún" lásán. Ẹ kọ ọ́ pé ìdajì àárín fì sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá fà jìnnà sí òsì. Tí iye akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wà lójú ìwé, tí kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, irú àtakò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó sì yẹ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdáhùn.